Ààrò tuntun àbí tòkunbọ̀? Bí a ṣe ń ṣe ìṣirò owó ẹ̀rọ fún gbogbo ọdún tó máa fi ṣiṣẹ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin oníbúrẹ́dì wa láti Agége, Múṣín, Ọ̀ṣòdì àti Ṣómólú. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo la máa fi ṣe ọ̀rọ̀ tòní: ààrò ńlá tó ń yí tírọ́lì po nínú, tí bọ́nà dísẹ́ẹ̀lì ń mú gbóná. Ìbéèrè tó wà níwájú ẹni tó fẹ́ rà á kò ju ọ̀kan lọ: ṣé tuntun ni, àbí tòkunbọ̀? Ká ní wọ́n pe tuntun ní mílíọ̀nù 24 náírà, wọ́n sì pe tòkunbọ̀ ní mílíọ̀nù 11. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti dáhùn kí wọ́n tó jókòó. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni pé iye méjèèjì yìí kò tíì tó ohun tí a lè fi dáhùn, torí pé owó tí ààrò máa jẹ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e wọlé pọ̀ ju owó tí ẹ fi rà á lọ fíìfíì.

Àpẹẹrẹ ni gbogbo iye owó tí mo máa dárúkọ. Ọ̀nà ìṣirò náà ni kí ẹ mú lọ, kí ẹ sì fi iye tí àwọn tó ń ta ẹ̀rọ bá kọ fún yín rọ́pò tèmi.

Owó tó gbé ààrò dé ẹsẹ̀ iṣẹ́

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara tuntun. Ìwé tí olùtajà kọ sọ pé mílíọ̀nù 24. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni bóyá owó orí ọjà ti wà nínú rẹ̀. Bí kò bá sí, 7.5% ni, ìyẹn mílíọ̀nù 1.8. Bí òfin bá gbà yín láàyè láti gba owó orí náà padà, kì í ṣe ara owó ààrò. Bí kò bá gbà yín láàyè, ara owó ààrò ni. Ẹ bi ẹni tó ń bá yín ṣe owó orí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Nínú àpẹẹrẹ wa, a kò rí i gbà padà.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọkọ̀ àti kírénì tó máa gbé e dé ọ̀dọ̀ yín jẹ́ ẹgbẹ̀rún 900. Ilẹ̀ ibi tó máa dúró sí gbọ́dọ̀ jẹ́ kọnkéré tó tẹ́jú dáadáa, torí bí ilẹ̀ bá dagun, tírọ́lì kò ní í yí bó ṣe yẹ, ilẹ̀kùn náà kò sì ní í pa dé. Ẹ kọ ẹgbẹ̀rún 700 sí i. Ọ̀pá èéfín tó máa la òrùlé kọjá jẹ́ mílíọ̀nù 1. Wáyà féèsì mẹ́ta, bírékà àti ohun tó ń dáàbò bo mọ́tò nígbà tí iná bá lọ sókè sódò tún jẹ́ mílíọ̀nù 1. Táǹkì dísẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú páìpù àti àsẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún 600. Owó ẹnjinía tó máa tò ó, pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì àti ìyẹ̀fun tí ẹ máa fi dán an wò, jẹ́ mílíọ̀nù 1. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ iye ìwé àti owó orí, mílíọ̀nù 31 ni yóò fún yín. Iye yìí ni owó ààrò náà nínú ìwé yín, kì í ṣe 24.

Ohun kan wà tí kò sí nínú 31 yẹn: owó tí ẹ máa fi kọ́ òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ẹ gbọ́dọ̀ fi í sínú ètò ìnáwó ọdún àkọ́kọ́, torí owó máa jáde lápò. Ṣùgbọ́n nínú ìlànà ìṣirò IAS 16, kò gbọ́dọ̀ wọ inú iye ẹ̀rọ. Ìdí rẹ̀ yé: òṣìṣẹ́ tí ẹ kọ́ lè lọ lọ́la, ààrò kò sì ní í tẹ̀ lé e.

Ó yá, tòkunbọ̀. Mílíọ̀nù 11 ni wọ́n pè é, ká sì gbà pé ẹni tó ń tà á kò gba owó orí ọjà. Ọkọ̀ àti kírénì, ilẹ̀, ọ̀pá èéfín, wáyà, táǹkì àti ẹnjinía kò mọ̀ pé tòkunbọ̀ ni, nítorí náà mílíọ̀nù 5.2 kan náà ló máa jẹ. Lẹ́yìn náà ni àtúnṣe tó gbọ́dọ̀ ṣáájú iná títàn: bọ́nà tuntun, bíárì fáànù, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn. Ẹ kọ mílíọ̀nù 1.8. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 18. Lórí ìwé olùtajà, tòkunbọ̀ kò tó ìdajì owó tuntun. Nígbà tó bá fi dé ẹsẹ̀ iṣẹ́, ó ti kọjá ìdajì dáadáa.

Kí ẹ tó sanwó tòkunbọ̀, ẹ ka àwo irin kékeré tí wọ́n kàn mọ́ ara rẹ̀. Bí ẹ bá rí 60 Hz níbẹ̀, ìlú tí iná wọn yàtọ̀ sí tiwa ló ti wá. Iná tiwa jẹ́ 50 Hz, féèsì mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 415 fóòtì. Mọ́tò tí wọ́n ṣe fún 60 Hz á máa yí ní ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ààrò á dín kù, ẹ̀gbẹ́ kan búrẹ́dì á pọ́n nígbà tí ìkejì ṣì funfun, mọ́tò náà sì lè máa gbóná títí yóò fi jó. Ẹ fi owó mọ́tò tuntun tàbí ẹ̀rọ tó ń yí iná padà kún mílíọ̀nù 1.8 yẹn, tàbí kí ẹ fi ààrò náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ohun kejì tí ẹ gbọ́dọ̀ wò ni àpótí irin tí iná ń jó nínú rẹ̀, tó ya èéfín sọ́tọ̀ kúrò lára afẹ́fẹ́ tó ń yan búrẹ́dì. Bí irin yẹn bá ti lu, èéfín á wọ ibi tí búrẹ́dì wà. Ẹ tan iná sí i fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìfi nǹkan kan sínú rẹ̀, kí ẹ wá ṣí ilẹ̀kùn: bí ẹ bá gbọ́ òórùn dísẹ́ẹ̀lì, ẹ má rà á. Pípààrọ̀ irin yẹn lè jẹ owó tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣirò wa á fi di asán.

Ìdínkù iye: owó tí kò jáde lápò

Ẹ̀rọ kò ní í wà títí. Lọ́dọọdún, apá kan nínú owó tí ẹ fi rà á ń lọ, ìyẹn ni ìdínkù iye, tí àwọn akáńtáǹtì ń pè ní dẹpiriṣíéṣọ̀n. Ohun mẹ́ta la nílò láti ṣírò rẹ̀: owó tó gbé e dé ẹsẹ̀ iṣẹ́, ọdún tó máa fi wúlò fún yín, àti iye tí ẹ lè tà á nígbà tí ọdún yẹn bá pé.

Ká fún tuntun ní ọdún mẹ́jọ, ká sì gbà pé ẹ lè tà á ní mílíọ̀nù 3 lẹ́yìn náà. Ẹ yọ 3 kúrò nínú 31, ó ku 28. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́jọ, mílíọ̀nù 3.5 ni lọ́dún. Ká fún tòkunbọ̀ ní ọdún mẹ́rin, ká sì gbà pé á mú mílíọ̀nù 2 wá nígbà tí ẹ bá tà á. Ẹ yọ 2 kúrò nínú 18, ó ku 16. Ẹ pín in sí mẹ́rin, mílíọ̀nù 4 ni lọ́dún. Ẹ wò ó dáadáa: èyí tí owó rẹ̀ kéré lọ́jà ló ń jẹ owó jù lọ́dún. Kò tíì mu dísẹ́ẹ̀lì kankan o.

Ọdún mẹ́jọ yẹn, ẹ má mú un láti ara ohun tí olùtajà sọ. Wákàtí iṣẹ́ ló ń pa ààrò ju ọdún lọ. Bí ẹ bá ń lò ó ní wákàtí mẹ́wàá lóòjọ́, fún ọjọ́ 300 lọ́dún, wákàtí 3,000 ni. Ọdún mẹ́jọ á fún yín ní wákàtí 24,000. Ilé búrẹ́dì tó ń yan lọ́sàn-án àti lóru, tí ààrò rẹ̀ ń jó fún wákàtí ogún lóòjọ́, á lo wákàtí yẹn tán ní ọdún mẹ́rin. Fún irú wọn, ó sàn kí wọ́n ṣírò ìdínkù iye ní wákàtí: mílíọ̀nù 28 tí a pín sí wákàtí 24,000 jẹ́ bíi 1,167 náírà fún wákàtí kan.

Bọ́nà kì í pẹ́ tó ara ààrò. Páànù búrẹ́dì kì í pẹ́ tó bọ́nà. Nítorí náà, ẹ má kó gbogbo wọn sábẹ́ ọdún mẹ́jọ kan náà. Ẹ kọ páànù lọ́tọ̀ pẹ̀lú ọdún tirẹ̀. Ọjọ́ tí ààrò bá ti ṣe tán láti ṣiṣẹ́ ni ìdínkù iye bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ ta búrẹ́dì. Bí ẹ bá ń ṣírò rẹ̀ lọ́dọọdún, kì í dúró nígbà tí ìyẹ̀fun bá wọ́n tí ẹ sì ti ilé búrẹ́dì fún oṣù kan.

Ní ti owó orí ìjọba, wọn kì í gba ìdínkù iye tí ẹ bá fúnra yín ṣírò. Òfin owó orí ní ìwọ̀n tirẹ̀ tó gbà kí ẹ yọ lórí ẹ̀rọ. Ẹ ṣe é lọ́tọ̀.

Dísẹ́ẹ̀lì ni ọ̀gá

Níbí ni mo fẹ́ kí a dúró pẹ́ díẹ̀ sí.

Líìtà dísẹ́ẹ̀lì kan ní agbára iná tó tó bíi kílówáàtì 10 fún wákàtí kan nínú. Nítorí náà, ààrò tó ń gba bíi kílówáàtì 50 nígbà iṣẹ́ á mu líìtà 5 ní wákàtí kan. Ìwé ẹ̀rọ máa ń kọ agbára tí bọ́nà lè gbé jáde nígbà tó bá ń jó láìdúró, ṣùgbọ́n bọ́nà kì í jó láìdúró: á jó, á pa ara rẹ̀ nígbà tí ooru bá tó, á tún jó. Ẹ má wulẹ̀ mú iye inú ìwé wá síbi ìṣirò. Bí ẹ bá mọ ẹnì kan tó ní irú ààrò yẹn, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí ẹ fi ọ̀pá wọn táǹkì rẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti lẹ́yìn tí iṣẹ́ parí, kí ẹ pín líìtà tó lọ sí iye wákàtí tí iná fi wà ní títàn. Ìwọ̀n ọjọ́ kan kò tó, torí ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ mú ààrò tútù gbóná yàtọ̀ sí ọjọ́ tó ti gbóná mọ́jú. Ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.

Ká gbà pé tuntun ń mu líìtà 5 ní wákàtí kan, tòkunbọ̀ sì ń mu 6.5. Kí ló ń fa líìtà kan àbọ̀ yẹn? Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn tó ti gan ń jẹ́ kí ooru jáde. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé ọwọ́ yín á gbóná bí ẹ bá nà án sí etí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti pa dé. Ẹ̀gbin èéfín tó lẹ̀ mọ́ ara irin inú ń dènà ooru, ó sì ń lé e gba ọ̀pá jáde lọ. Ẹ̀rí rẹ̀ ni èéfín dúdú àti ọ̀pá tó gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Imú bọ́nà tó ti gbó ń tú dísẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ ní ẹ̀kán dípò kí ó fọ́n ọn bí ìrì, kò sì ní í jó tán. Wọ́n lè tún díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ògiri ààrò tí òwú inú rẹ̀ ti jókòó sísàlẹ̀ kì í padà bọ̀ sípò láìtú gbogbo rẹ̀.

Wákàtí 3,000 lọ́nà líìtà 5 jẹ́ líìtà 15,000 lọ́dún. Wákàtí 3,000 lọ́nà 6.5 jẹ́ líìtà 19,500. Ká fi líìtà kan sí 1,000 náírà kí ìṣirò lè rọrùn: tuntun á jẹ mílíọ̀nù 15 ní dísẹ́ẹ̀lì lọ́dún, tòkunbọ̀ á jẹ mílíọ̀nù 19.5. Ìyàtọ̀ àárín wọn, mílíọ̀nù 4.5, á lọ lọ́dọọdún. Owó tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ nígbà tí ẹ ra tòkunbọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 13. Kí ọdún mẹ́ta tó pé, dísẹ́ẹ̀lì nìkan á ti gbà á lọ́wọ́ yín tán.

Àtúnṣe ló kàn. Ká fún tuntun ní mílíọ̀nù kan lọ́dún fún ọdún mẹ́rin àkọ́kọ́, kí ó wá di méjì láti ọdún karùn-ún, torí ìgbà yẹn ni bọ́nà, mọ́tò fáànù àti rọ́bà ilẹ̀kùn máa ń fẹ́ ìpààrọ̀. Ká fún tòkunbọ̀ ní mílíọ̀nù 2.5 lọ́dọọdún. Iná mọ̀nàmọ́ná tó ń yí tírọ́lì, owó òṣìṣẹ́ àti páànù kò yàtọ̀ láàárín ààrò méjèèjì. Ẹ kọ wọ́n sínú ètò ìnáwó, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá ń fi ọ̀kan wé èkejì, ẹ lè fi wọ́n sílẹ̀.

Bí a ṣe ń fi ọdún mẹ́jọ wé ọdún mẹ́rin

Ẹ ò lè ro owó ọdún mẹ́jọ tuntun pọ̀ kí ẹ fi wé owó ọdún mẹ́rin tòkunbọ̀. Ọjọ́ wọn kò dọ́gba. Ohun tí a máa ṣe ni pé a ó sọ owó ọ̀kọ̀ọ̀kan di iye kan náà lọ́dọọdún, bí ẹni pé ẹ̀ ń háyà ààrò lọ́wọ́ ara yín. Owó háyà yẹn gbọ́dọ̀ bo owó tí ẹ fi rà á, kí ó bo owó ìlò, kí ó sì bo èrè tí owó yín ì bá mú wá ká ní ẹ kò fi ra ààrò.

Èlé wo ni ká wá lò? Ká ní báǹkì ń yá yín lówó ní 32% lọ́dún, tí ọjà sì ń wọ́n sí i ní 20% lọ́dún. Ẹ pín 1.32 sí 1.20, ẹ ó rí 1.10. Èyí túmọ̀ sí pé, tí a bá yọ ọ̀wọ́n gógó ọjà kúrò, owó ń ná yín ní 10% lọ́dún. Nítorí pé a kọ dísẹ́ẹ̀lì ní 1,000 náírà fún gbogbo ọdún mẹ́jọ, tí a kò sì fi ọ̀wọ́n ọjà kún un, 10% yìí ló bá ìṣirò wa mu.

Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ àwọn ìlà mẹ́ta yìí fún ààrò tuntun, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kọ owó ìlò ọdún kọ̀ọ̀kan sí B2 títí dé B9:

```
=SLN(31000000,3000000,8)
=PMT(10%,8,-31000000,3000000)
=PMT(10%,8,-NPV(10%,B2:B9))
```

Ìlà àkọ́kọ́ á fún yín ní ìdínkù iye, mílíọ̀nù 3.5. Ìkejì á fún yín ní owó rírà tí a sọ di ti ọdọọdún, pẹ̀lú èlé nínú rẹ̀: nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.55. Ẹ̀kẹta á sọ dísẹ́ẹ̀lì àti àtúnṣe di iye kan náà lọ́dọọdún: nǹkan bíi mílíọ̀nù 16.4. Nítorí náà, ààrò tuntun ń jẹ mílíọ̀nù 21.95 lọ́dún.

Fún tòkunbọ̀, ẹ fi 4 sípò 8, ẹ fi B5 sípò B9, ẹ kọ owó ìlò tirẹ̀ sí B2 títí dé B5, ẹ sì fi 18000000 sípò 31000000 àti 2000000 sípò 3000000. Owó rírà rẹ̀ á jẹ́ bíi mílíọ̀nù 5.25 lọ́dún. Owó ìlò rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 22 ní gbogbo ọdún. Àpapọ̀, mílíọ̀nù 27.25. Tòkunbọ̀ fi mílíọ̀nù 5.3 wọ́n ju tuntun lọ lọ́dọọdún, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ka ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ tí àwọn oníbàárà á gba ibòmíràn lọ.

Ẹ kíyè sí i pé ìdínkù iye, mílíọ̀nù 3.5 yẹn, kò wọ inú 21.95. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nìyẹn: ẹnì kan á kọ mílíọ̀nù 31 sílẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, á tún kọ 3.5 ìdínkù iye sí ọdún kọ̀ọ̀kan. Ó ti ka owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ẹ bá ń pinnu èyí tí ẹ máa rà, owó tó ń jáde lápò nìkan ni kí ẹ kà. Ìwé èrè àti àdánù ọdọọdún ni ipò ìdínkù iye.

Àṣìṣe kejì fara pamọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì máa ń ti èèyàn sọ́dọ̀ tòkunbọ̀ láìnídìí. Òun ni kí èèyàn fi 32% báǹkì ṣe ìṣirò nígbà tó ti kọ owó dísẹ́ẹ̀lì òní sí gbogbo ọdún. Ó ti ka ọ̀wọ́n gógó sí ara èlé, kò sì kà á sí ara dísẹ́ẹ̀lì. Owó ìlò ọjọ́ iwájú á wá dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ẹ̀rọ tó ń mu epo á sì dà bí ẹ̀rọ rere. Ẹ wo ilé búrẹ́dì kékeré tó ń tan ààrò fún wákàtí mẹ́ta péré lóòjọ́. Dísẹ́ẹ̀lì tuntun á jẹ́ mílíọ̀nù 4.5 lọ́dún, ti tòkunbọ̀ á jẹ́ 5.85, ká fi àtúnṣe àti ọdún ìlò sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Ní 10%, tuntun á jẹ bíi mílíọ̀nù 11.45 lọ́dún, tòkunbọ̀ á jẹ 13.6. Ẹ fi 32% sí i láìṣàtúnṣe iye dísẹ́ẹ̀lì, tuntun á di bíi 16.76, tòkunbọ̀ á di 16.62. Ìdájọ́ ti yí padà, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó yí padà lára ààrò méjèèjì. Bí ẹ bá fẹ́ lo 32%, kò burú, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí owó dísẹ́ẹ̀lì, àtúnṣe àti iye tí ẹ máa tà á gòkè ní 20% lọ́dọọdún.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Mo gbọ́, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 18 náà ni mo ní." Ìyẹn jẹ́ òtítọ́ tí ìṣirò kò lè pa rẹ́. Ohun tí ìṣirò ń sọ fún un ni iye tí àìní owó lọ́wọ́ ń ná an: bíi mílíọ̀nù 5.3 lọ́dún fún ẹni tó ń yan fún wákàtí mẹ́wàá. Kí ó fi iye yẹn wé ohun tí yóò ná an láti yá mílíọ̀nù 13 tó kù, kí ó sì wò ó bóyá olùtajà á gbà kí ó san án díẹ̀díẹ̀.

Owó búrẹ́dì kan, àti owó ààrò tó ń bọ̀

Ká ní ààrò yìí ń yan búrẹ́dì 200 ní wákàtí kan. Lọ́dún, 600,000 ni. Dísẹ́ẹ̀lì lórí búrẹ́dì kan jẹ́ náírà 25. Ìdínkù iye lórí rẹ̀ kò pé náírà 6. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ kí búrẹ́dì náà san èlé owó yín pẹ̀lú, ẹ lo mílíọ̀nù 5.55 dípò 3.5, ìyẹn bíi náírà 9.25. Bí títà bá lọ sílẹ̀ sí ìdajì, dísẹ́ẹ̀lì á fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n owó ààrò lórí búrẹ́dì kan á di ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí ààrò tó tóbi ju ọjà yín lọ fi ń pa èrè.

Àwọn kan ń fi ìdínkù iye sí báǹkì lọ́dọọdún kí wọ́n lè fi ra ààrò míì. Èrò tó dára ni, àmọ́ 3.5 lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mílíọ̀nù 28 péré, pẹ̀lú 3 tí ẹ bá ta ti àtijọ́, 31. Iye ọdún tí ẹ rà á ni. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí ọjà fúnra rẹ̀ dá iye náírà ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi 460 náírà kọjá 1,400 kí oṣù Kejì ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó ń fi náírà pamọ́ ní iye àtijọ́ láti ra ẹ̀rọ òkè òkun rí i pé owó rẹ̀ kò tó ìdajì ẹ̀rọ mọ́.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ní ìparí ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ bèèrè iye tí irú ààrò yẹn jẹ́ báyìí títí dé ẹsẹ̀ iṣẹ́, kí ẹ yọ iye tí ti àtijọ́ máa mú wá kúrò, kí ẹ sì wo iye ọdún tó ti lọ nínú mẹ́jọ. Ká ní lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó ti di mílíọ̀nù 45, tí èyí tó gbó á sì mú 5 wá. Ó ku 40. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́jọ rẹ̀ jẹ́ 15. Iye tó yẹ kó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ìdínkù iye ọdún mẹ́ta jẹ́ 10.5. Mílíọ̀nù 4.5 ló kù kí ẹ wá kún un, láti inú èrè tí owó náà ti mú wá tàbí láti inú owó búrẹ́dì. Bí ẹ bá duro di ọdún kẹjọ kí ẹ tó bèèrè, àlàfo náà á ti kọjá ohun tí owó búrẹ́dì lè dí.

Ìgbà tó yẹ kí ẹ tà á

Ọdún mẹ́jọ kì í ṣe òfin. Nígbà tó bá pé, ẹ ṣírò owó ọdún kan sí i lórí ààrò àtijọ́, kí ẹ fi wé owó ọdọọdún tuntun tí ẹ tún ṣírò pẹ̀lú iye ọjà ìgbà yẹn. Ká fi í sílẹ̀ ní owó tòní, 21.95.

Ní ọdún kẹsàn-án, ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ti ń mu líìtà 5.6 ní wákàtí kan: mílíọ̀nù 16.8. Àtúnṣe jẹ́ 3.2. Mílíọ̀nù 3 tí ẹ ò tà á náà ní èlé 10%, ó di 3.3, bí ẹ bá tà á lópin ọdún, 2.4 ló máa mú wá, nítorí náà dídúró yín ná yín ní ẹgbẹ̀rún 900. Àpapọ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 20.9. Ó kéré sí 21.95, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ sí i. Ní ọdún kẹwàá, ó ti ń mu líìtà 6: mílíọ̀nù 18. Àtúnṣe ti di 4. Iye tí ẹ lè tà á lọ sílẹ̀ sí 1.8, dídúró á sì ná yín ní bíi ẹgbẹ̀rún 840. Àpapọ̀ jẹ́ bíi mílíọ̀nù 22.84, ó ti kọjá tuntun. Nítorí náà, òpin ọdún kẹsàn-án ni kí ẹ ti tà á. Ẹni tí kò bá wọn táǹkì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ní í mọ ìgbà tí 5 di 5.6, tàbí tí 5.6 di 6. Nítorí náà ẹ fi ìwé kan kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì, kí ẹni tó ń bu dísẹ́ẹ̀lì máa kọ líìtà àti wákàtí sí i lójoojúmọ́.